Ẹ yọ áàpù kúrò lórí fóònù, owó ṣì ń lọ: ìlẹ̀kùn mẹ́ta tó yẹ kí ìdílé tì kí káàdì báńkì tó bọ́

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìyàwó àbúrò mi wà lórí ìlà ní èbúté Ìkòròdú, ó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ ní Màrínà. Fóònù rẹ̀ dún. Àlẹ́àtì báńkì ni. Wọ́n ti yọ ₦2,500 nínú owó rẹ̀. Kò ra nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé inú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àlẹ́àtì àtẹ̀yìnwá wò, ó sì rí i pé iye kan náà ti ń lọ ní gbogbo ọjọ́ kẹwàá oṣù, láti oṣù kẹta ọdún náà. Ìgbà méje ni. Ó pè mí lórí omi níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jí owó mi?”

Olè kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fún wọn ní káàdì. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta, ó gba áàpù kan tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ kíké Kùráánì sórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀fẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kó kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù ló ṣe é. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ọ̀fẹ́ tán, owó oṣù àkọ́kọ́ sì lọ. Èyí kò dùn ún, nítorí àwọn ọmọ ṣì ń lò ó. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ tí wọ́n padà sí iléekéwú, ó yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Lójú tirẹ̀, ohun tí kò sí lórí fóònù mọ́ ti tán.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kọsẹ̀. Ìlẹ̀kùn mẹ́ta ló wà láàárín yín àti ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó oṣooṣù, kò sì sí ọ̀kan tó ń ti èkejì. Ìlẹ̀kùn kìíní ni àdéhùn owó oṣooṣù fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní “sọ́bù”. Ìkejì ni káàdì tí wọ́n tọ́jú. Ìkẹta ni àkáǹtì yín lọ́dọ̀ wọn, níbi tí orúkọ, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù, àti nígbà mìíràn orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ yín wà. Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò kan ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn kó jáde nínú yàrá láìsọ fún onílé: yàrá ti ṣófo, ṣùgbọ́n owó ilé ṣì ń ka.

Ibi tí káàdì yín wà gan-an

Ọ̀pọ̀ máa ń béèrè pé báwo ni ilé-iṣẹ́ kan ṣe lè yọ owó lóṣù kẹfà, nígbà tó jẹ́ pé oṣù kẹta ni ènìyàn tẹ OTP sílẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ kọ nọ́ńbà káàdì sílẹ̀, kì í sábà jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù ló ń gbà á. Ilé-iṣẹ́ agbowó tó wà láàárín wọn àti báńkì ló ń gbà á. Nílẹ̀ wa, Paystack àti Flutterwave wà lára irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. OTP tí ẹ tẹ̀ ni ẹ fi jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ ni káàdì. Lẹ́yìn náà, agbowó á tọ́jú nọ́ńbà káàdì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á sì fún oní áàpù ní àmì kan tó dúró fún un. Tókìnì ni wọ́n ń pe àmì náà. Ẹni tó bá ní tókìnì yìí kò mọ gbogbo nọ́ńbà káàdì yín, ṣùgbọ́n ó lè sọ fún agbowó pé “ẹ tún gba ₦2,500 lórí eléyìí,” agbowó á sì gbà á láìbéèrè OTP mìíràn.

Nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì ńkọ́? Ìlànà ààbò tí àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì ńláńlá lágbàáyé fọwọ́ sí kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti tọ́jú nọ́ńbà mẹ́ta yẹn lẹ́yìn tí ìsanwó àkọ́kọ́ bá ti kọjá. Nítorí náà, wọn kì í nílò rẹ̀ fún ìsanwó kejì. Ìdí nìyí tí kò fi sí àǹfààní nínú kí a máa rò pé níwọ̀n ìgbà tí OTP kò bá ti wá, owó kò lè lọ.

Ohun tó yẹ kí a fi sọ́kàn níbí ni pé tókìnì àti àkáǹtì kò sí nínú àpótí kan náà. Àkáǹtì wà lọ́dọ̀ oní áàpù. Nọ́ńbà káàdì wà lọ́dọ̀ agbowó. Ìlànà pé kí wọ́n máa gba owó ní ọjọ́ báyìí-báyìí sì lè wà lọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá pa ọ̀kan rẹ́ tí wọn kò ránṣẹ́ sí èkejì, èkejì á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àṣìṣe kejì tó burú ju ti àkọ́kọ́

Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi gbọ́ àlàyé pé yíyọ áàpù kò tó, inú bí i. Kò dúró kí n parí ọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gba áàpù padà sórí fóònù, ó wọlé, ó wá ibi tí wọ́n kọ “Delete account” sí, ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n bi í bóyá ó dá a lójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Áàpù náà lé e jáde. Ó fi àwòrán ojú fóònù náà ránṣẹ́ sí mi pé ó ti tán.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá, ₦2,500 tún lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí kò lè wọlé mọ́. Ibi tó yẹ kó ti fagi lé owó oṣooṣù wà nínú àkáǹtì tó ti pa rẹ́. Ó ti ti ilẹ̀kùn ìkẹta, ó sì ti gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn kìíní sínú ilé. Àwọn kan máa ń dá ìsanwó dúró fúnra wọn bí oníbàárà bá pa àkáǹtì rẹ́, àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kò lè mọ èwo ni èwo títí ọjọ́ ìsanwó á fi dé. Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo tó fọkàn balẹ̀ ni pé kí a máa tẹ̀ lé ètò: àdéhùn owó ni àkọ́kọ́, káàdì ni ìkejì, àkáǹtì ni ìkẹyìn.

Ètò náà, lọ́kọ̀ọ̀kan

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń gba owó. Ẹ ṣí àlẹ́àtì tàbí àkọsílẹ̀ báńkì yín, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó. Bí ẹ bá rí “GOOGLE” níbẹ̀ tí orúkọ áàpù kan tẹ̀ lé e, Google ló ń gba owó fún oní áàpù, ọ̀dọ̀ Google lẹ ó sì ti dá a dúró. Bí ó bá jẹ́ pé fóònù Apple lẹ ń lò tí ẹ sì rí “APPLE.COM/BILL”, ọ̀dọ̀ Apple ni. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà tàbí ti agbowó bíi Paystack, a jẹ́ pé tààrà ni wọ́n ń gba owó lórí káàdì yín, inú áàpù tàbí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà lẹ ó sì ti fagi lé e. Ẹni tó bá wá bọ́tìnì náà síbi tí kò sí á wá a títí.

Fún èyí tó bá gba ọ̀dọ̀ Google kọjá, ẹ ṣí Google Play, ẹ tẹ àwòrán orúkọ yín lókè, ẹ wọ “Payments & subscriptions”, lẹ́yìn náà “Subscriptions”. Gbogbo ohun tí ẹ ń san owó oṣooṣù fún á tò síbẹ̀. Ẹ tẹ èyí tí ẹ fẹ́ dá dúró, kí ẹ sì tẹ “Cancel subscription”. Lórí fóònù Apple, “Settings” lẹ ó wọ̀, ẹ ó tẹ orúkọ yín, lẹ́yìn náà “Subscriptions”. Bí ẹ bá ṣì wà nínú àkókò ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Apple, ẹ má dúró di ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ fagi lé e, ó kéré tán, ọjọ́ kan ṣáájú.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, àkáǹtì Google tí ẹ fi ń wo Google Play lónìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú ìdílé tí ọmọ àti òbí jọ ń lo fóònù kan, ímeèlì méjì tàbí mẹ́ta lè wà lórí rẹ̀, àtòkọ náà á sì ṣófo bí ẹ bá wà lórí èyí tí kì í ṣe òun. Ìkejì, bí ẹ bá fagi lé e, áàpù náà á ṣì máa ṣiṣẹ́ títí oṣù tí ẹ ti sanwó rẹ̀ á fi pé. Kì í ṣe pé fífagi lé náà kò mú. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ pé iṣẹ́ náà yóò parí ni ẹ̀rí yín pé ó mú.

Lẹ́yìn èyí ló kan káàdì. Ní Google Play, abẹ́ “Payments & subscriptions” kan náà ni “Payment methods” wà, ibẹ̀ lẹ ó sì ti rí ọ̀nà láti yọ káàdì. Ẹ rántí pé káàdì tí ẹ bá yọ níbẹ̀ kò ní sí mọ́ fún áàpù èyíkéyìí tó ń gba ọ̀dọ̀ Google kọjá, nítorí náà bí nǹkan mìíràn bá wà tí ẹ ṣì fẹ́ máa san, ẹ fi ọ̀nà ìsanwó mìíràn rọ́pò rẹ̀. Fún ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó tààrà, ẹ wo inú ìsọ̀rí “Billing”, “Wallet” tàbí “Cards” nínú áàpù wọn. Àwọn kan kò fi bọ́tìnì ìyọkúrò síbẹ̀ rárá. Àwọn mìíràn kò ní jẹ́ kí ẹ yọ káàdì àyàfi bí ẹ bá fi òmíràn sípò rẹ̀. Ẹ má fi òmíràn sí i. Ẹ fi káàdì náà sílẹ̀, kí ẹ béèrè fún ìyọkúrò rẹ̀ nínú lẹ́tà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ìkẹyìn ni àkáǹtì. Google ti sọ ọ́ di dandan pé áàpù èyíkéyìí tó bá ń jẹ́ kí ènìyàn dá àkáǹtì sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un ní ọ̀nà láti pa á rẹ́, nínú áàpù àti lórí ìkànnì pẹ̀lú. Apple náà ti ń béèrè pé kí ọ̀nà náà wà nínú áàpù láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2022. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò dáadáa. “Delete account” ni ẹ ń wá. “Deactivate” túmọ̀ sí pé wọ́n kàn fi aṣọ bò ó ni. Gbogbo nǹkan yín ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹ bá sì tún wọlé lọ́la, á jí. Áàpù tí ẹ kò bá sì lò mọ́ lórí fóònù kò dí yín lọ́wọ́, nítorí ojú ewé áàpù náà lórí Google Play ní ibi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà béèrè pé kí wọ́n pa ìsọfúnni òun rẹ́.

Lẹ́tà tó tú u sílẹ̀

Fún ìyàwó àbúrò mi, kò sí bọ́tìnì kankan mọ́ tó lè tẹ̀. Lẹ́tà ló kù. A jókòó lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà, a kọ ímeèlì sí àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé àlàyé wọn lórí ìpamọ́ ìsọfúnni, èyí tí wọ́n ń pè ní “Privacy Policy”. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ máa wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè oníbàárà nìkan, nítorí ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìsọfúnni ló mọ ohun tí òfin ní kó ṣe.

A kọ ímeèlì tó fi forúkọ sílẹ̀, a kọ nọ́ńbà mẹ́rin ìgbẹ̀yìn káàdì rẹ̀, a sì kọ ọjọ́ àti iye owó ìsanwó tó kẹ́yìn pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà nínú àlẹ́àtì. A kò kọ gbogbo nọ́ńbà káàdì, a kò sì kọ PIN. Ilé-iṣẹ́ tó bá béèrè ìyẹn kò nílò rẹ̀ láti fi wá oníbàárà rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, a béèrè ohun mẹ́rin ní gbólóhùn mẹ́rin: kí wọ́n dá owó oṣooṣù dúró láti ọjọ́ náà, kí wọ́n pa tókìnì káàdì náà rẹ́ lọ́dọ̀ ara wọn àti lọ́dọ̀ agbowó wọn, kí wọ́n pa ìsọfúnni òun àti ti àwọn ọmọ òun rẹ́, kí wọ́n sì dá owó tí wọ́n gbà lẹ́yìn tí òun ti pa àkáǹtì rẹ́ padà. A so àwòrán ojú fóònù alẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án mọ́ ọn.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni èsì dé. Wọ́n dá owó oṣooṣù dúró, wọ́n ní àwọn ti pa káàdì rẹ́, wọ́n sì dá ₦2,500 ti oṣù kẹwàá padà. Wọn kò dá ₦15,000 ti oṣù kẹrin sí oṣù kẹsàn-án padà. Wọ́n ní yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kì í ṣe ìkìlọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, àti pé àwọn ti kọ ìyẹn sínú àdéhùn. Ó dun ìyàwó wa, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó méjèèjì yẹ kó yé wa. Ẹ̀rí wà fún ti oṣù kẹwàá: ó ti sọ fún wọn pé òun ń lọ, àwòrán sì wà. Kò sí ẹ̀rí fún àwọn yòókù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti tán lóòótọ́

Ọjọ́ ìsanwó tó ń bọ̀ ni adájọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ àlẹ́àtì lọ́jọ́ náà àti fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, nítorí bí owó kò bá tó nínú àkáǹtì báńkì lọ́jọ́ náà, wọ́n lè tún gbìyànjú lẹ́yìn náà. Pé àlẹ́àtì kò wá nígbà tí báńkì yín ṣófo kò túmọ̀ sí pé ìsanwó ti dúró.

Ní ti àkáǹtì, ẹ lọ sí ojú ewé ìwọlé wọn, ẹ tẹ “Forgot password”, kí ẹ kọ ímeèlì yín. Bí wọ́n bá fi ọ̀nà ìyípadà ọ̀rọ̀ ìwọlé ránṣẹ́ sí yín, àkáǹtì náà ṣì wà níbẹ̀. Bí wọn kò bá fi nǹkan kan ránṣẹ́, àmì rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí tó pé. Èsì tí wọ́n bá fọwọ́ ara wọn kọ pé àwọn ti pa á rẹ́ ni ẹ̀rí tí ẹ lè fi pamọ́.

Ibi tí báńkì lè dé àti ibi tí kò lè dé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ sí báńkì láti dí káàdì pa. Ó lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ilé-iṣẹ́ kò bá dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Dídí káàdì ń dí ojú ọ̀nà tí owó ń gbà ni, kò pa àdéhùn rẹ́. Lójú ilé-iṣẹ́ náà, ẹ ṣì jẹ́ oníbàárà tó jẹ gbèsè. Visa àti Mastercard sì ní ètò kan tí báńkì tó bá wà nínú rẹ̀ fi ń sọ nọ́ńbà káàdì tuntun fún àwọn tó ń gba owó lórí ti àtijọ́, nítorí náà káàdì tuntun kì í ṣe ààbò tó dájú níbi gbogbo. Bákan náà, bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà àkáǹtì báńkì lẹ fún wọn, tí ẹ sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa yọ owó níbẹ̀ tààrà, dídí káàdì kò kan ìyẹn rárá. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún báńkì pé kí wọ́n fagi lé àṣẹ ìyọwó náà fúnra rẹ̀.

Ìsanwó tó bá lọ lẹ́yìn tí ẹ ti fagi lé àdéhùn yàtọ̀. Ìyẹn lẹ lè pè lẹ́jọ́ ní báńkì. Ẹ mú ẹ̀rí ìfagilé àti àlẹ́àtì dání, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí ẹ̀ka ìdáàbòbò oníbàárà ní báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, ní cpd@cbn.gov.ng. Fún èyí tó bá gba ọ̀dọ̀ Google kọjá, ẹ má fi ọjọ́ falẹ̀: wákàtí 48 lẹ́yìn ìsanwó ni Google fúnra rẹ̀ ṣì sábà máa ń gbé ìbéèrè owó padà yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ oní áàpù ni wọn yóò darí yín sí.

Ohun tí òfin fún wa, àti ibi tó kù sí

Kì í ṣe àánú ni ìyàwó àbúrò mi ń tọrọ nínú lẹ́tà rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, ní abala 34, pé kí wọ́n pa ìsọfúnni òun rẹ́ láìsí ìdádúró tí kò nídìí. Abala 35 fi kún un pé ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n lo ìsọfúnni òun lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbàkígbà, àti pé yíyí i padà gbọ́dọ̀ rọrùn bí ìfọwọ́sí náà ṣe rọrùn. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ etí dídi, àjọ NDPC ni a ó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àjọ náà kì í ṣe aláìléyín: lóṣù keje ọdún 2025, ó bu owó ìtanràn tó lé ní ₦766 mílíọ̀nù lé ilé-iṣẹ́ MultiChoice lórí ọ̀nà tó gbà lo ìsọfúnni àwọn ènìyàn. Fún owó tí wọ́n gbà lọ́nà àìtọ́, àjọ FCCPC ló wà fún un ní ìpele àpapọ̀, àwa tí a wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ sì tún ní LASCOPA, àjọ ìdáàbòbò oníbàárà ti ìpínlẹ̀ Èkó.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ibi tó mọ. Ilé-iṣẹ́ lè tọ́jú àkọsílẹ̀ pé ẹ san owó báyìí lọ́jọ́ báyìí, nítorí òfin owó orí àti ti ìṣirò owó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò sí ìdí fún wọn láti tọ́jú mọ́ ni agbára láti tún gba owó. Ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ ìsọfúnni ni abala 35 ń sọ. Ilé-iṣẹ́ lè sọ pé ìyẹn kò kan àdéhùn owó, kí ó sì fi bọ́tìnì ìfagilé pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹrin.

Kì í ṣe ìṣòro tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC gbé Amazon lọ sílé ẹjọ́ lóṣù kẹfà ọdún 2023. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ jáde nínú ètò Prime gbọ́dọ̀ la ojú ewé mẹ́rin kọjá, kó tẹ bọ́tìnì nígbà mẹ́fà, láàárín yíyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n ti sọ ọ̀nà ìjáde yìí ní “Iliad”, orúkọ ewì ogun ayé àtijọ́ kan tó gùn bí ìrìn àjò. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Amazon gbà láti san bílíọ̀nù 2.5 dọ́là, bílíọ̀nù 1.5 nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó àwọn oníbàárà tí wọ́n máa dá padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà pé òun jẹ̀bi. Síbẹ̀, nígbà tí àjọ kan náà gbìyànjú láti ṣe òfin pé kí ìjáde rọrùn bí ìwọlé, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé òfin náà lóṣù keje ọdún 2025, ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tí ẹjọ́ náà fi hàn ni pé bọ́tìnì tó ṣòro rí kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Owó wà nínú ìgbàgbé oníbàárà. ₦2,500 kéré tó ohun tí ènìyàn lè má ṣàkíyèsí láàárín àlẹ́àtì ogún, ṣùgbọ́n oṣù méje rẹ̀ ti di ₦17,500, owó tí ìyá kan ní èbúté Ìkòròdú mọ ohun tó lè fi ṣe. Títí òfin wa yóò fi sọ kedere pé ọ̀nà ìjáde gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ìwọlé, ẹrù náà ṣì wà lórí oníbàárà láti jáde lọ́nà tí ẹ̀rí á fi wà.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá kọjá láìsí àlẹ́àtì. Ìyàwó àbúrò mi ti kọ gbogbo ohun tí ìdílé wọn ń san lóṣooṣù sórí ìwé kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń yọ owó, ímeèlì tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, àti ẹni tó ń gba owó, yálà Google ni tàbí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó parí rẹ̀, ó rí méjì mìíràn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lò mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fọwọ́ kan “Delete account” kó tó fagi lé owó.